Ògiri Tí Bàbá Ń Wò

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, ojú kan ṣoṣo ló máa ń wò láti àárọ̀ dalẹ́: ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá yí i sí ọ̀nà fèrèsé, yóò rọra yí orí padà sí ògiri yẹn. Èmi tí mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n ilé sọ pé Bàbá ń wá ohun tí yóò máa wò ni. Mo bá ra tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ilé wa wà. Ní gbogbo ọ̀sán, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù léèsì mi ní Balógun. Ìyá mi ti kú. Ìyálé rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń po ògì fún Bàbá, òun ló sì ń gbé omi gbígbóná wá láti fi nù ún lára. Yàrá Màmá àti ti Bàbá fẹ̀yìn ti ara wọn, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀kùn tirẹ̀ kọjú sí. Bó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá, yóò jáde sí ẹ̀yìnkùlé, yóò yí ilé po, yóò sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Lásìkò òjò, ọ̀rá ló máa ń fi borí, ọwọ́ kan á di korobá mú, ọwọ́ kejì á máa tọ́ ògiri. Mo máa ń rí i. Mo máa ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, mo sì máa ń bá tèmi lọ.

Tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi tòde òní. Ikùn rẹ̀ tóbi, ó sì wúwo. Mo ní kí wẹ́dà kan ní Adéníji Adélé bá mi jó irin pọ̀ tí a ó fi gbé e kọ́, kí Bàbá lè máa wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá bẹ ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà pé kó wá bá mi kan irin náà mọ́ ògiri, kó sì fi wáyà rẹ̀ pa mọ́. Mi ò fẹ́ kí wáyà wọ́ nílẹ̀, torí a ti ń kọ́ Bàbá ní ìrìn padà, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ò sì ní pẹ́ kọ́ wáyà.

Ọkùnrin náà ò kọ́kọ́ mú dírílì. Ọwọ́ ló fi ń kan ògiri, tó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó fi ìṣó gún un lápá òsì, erùpẹ̀ pupa dà sílẹ̀. Ó ní amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé yìí, símẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lójú, pé bí òun bá fi bóòtù tí yóò di irin náà mú síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á já lé ẹnikẹ́ni tó bá wà nísàlẹ̀ lórí lọ́jọ́ kan. Ó tún gún un lápá ọ̀tún, pupa náà ni. Ó wá gún un láàárín, níbi tí Bàbá ń wò gan-an. Eruku símẹ́ǹtì ló jáde.

Ó ní, "Àǹtí, búlọ́ọ̀kù ló wà níbí o. Ṣé ilẹ̀kùn kò sí níbí tẹ́lẹ̀?"

Ilẹ̀kùn tó já sí yàrá Màmá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mi ò bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìtàn rẹ̀ lọ́mọdé, bí ẹní ń gbọ́ oríkì. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá mi bọ̀ níyàwó, ó ní òun ò lè sùn sínú yàrá ọkọ tí obìnrin mìíràn lè ṣílẹ̀kùn wọ̀. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bàbá bá ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n sì la ilẹ̀kùn mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé fún Màmá. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, èmi náà a sì máa yangàn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ẹnìkan ló ń yí ilé po nítorí ẹ̀rín wa.

Dírílì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ihò àkọ́kọ́ bọ́ sínú òfìfo, torí inú búlọ́ọ̀kù máa ń ní àlàfo. Ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi kan ibi tó le dénú, ó sì fi bóòtù tó máa ń wú nínú ihò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ṣísẹ́ẹ̀lì, ó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà tí páìpù wáyà yóò gbà sọ̀ kalẹ̀. Símẹ́ǹtì ṣí, férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ sì yọjú, irin tí wọ́n fi gbé ilẹ̀kùn kọ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó nà án sí igi férémù náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá... ìyá..."

Mo mọ̀ pé Màmá ló ń pè. Síbẹ̀, mo sọ fún oníwáyà pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ojú ló ń tì mí, mi ò fẹ́ kí àjèjì rí ìtìjú náà, mo sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ fún Bàbá.

Nítorí pé ẹ̀yìnkùlé ni òpó eriali wà, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́yìn ògiri náà gan-an nínú yàrá Màmá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wáyà méjèèjì yóò yọ sí. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò burú, Bàbá á rí nǹkan wò. Oníwáyà la páìpù méjì já sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún eriali, torí ó ní bí wọ́n bá wà pọ̀, àwòrán lè máa gbọ̀n. Ó rẹ́ símẹ́ǹtì lé e padà, wáyà ò hàn mọ́, férémù náà ò hàn mọ́.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná lọ nírọ̀lẹ́, tẹlifíṣọ̀n dákẹ́. Mo jókòó ti Bàbá, mo sì ń gbọ́ ohùn kan tó ń bọ̀ látinú páìpù eriali. Màmá ló ti kírun mọ̀ǹgàríbì tán, ó ń ṣàdúà fún ọkọ rẹ̀, ó ń dárúkọ àwa ọmọ, tèmi náà sì wà ńbẹ̀. Bàbá kọjú sí ẹnu páìpù. Bí àdúà ti ń parí, ni ẹnu rẹ̀ wíwọ́ ń sọ pé, "Àmín." Ẹ̀bi gbá mi mú débi pé mi ò lè dúró nínú yàrá náà.

Ilẹ̀ mọ́, mo ránṣẹ́ pe oníwáyà pé kó wá ṣí ẹnu ọ̀nà náà padà. Ó ní bí búlọ́ọ̀kù bá kúrò, bóòtù ò ní rí ibi dì mú mọ́. Yálà tẹlifíṣọ̀n tàbí ilẹ̀kùn. Mo ní kó tú irin náà. Ó wò ó pé pákó tó gbé ògiri ró lókè ṣì le, kí òun àti bíríkìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ búlọ́ọ̀kù. A gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí wọ́n gbá ilẹ̀ tán, Màmá dúró ní ìhà tirẹ̀ pẹ̀lú korobá omi gbígbóná lọ́wọ́. Bàbá ń fi ọwọ́ òsì pè é. Kò wọlé. Èmi ló ń wò, èmi ọmọ ìyàwó kékeré.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n máa kọjá?"

Mo gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, mo yà fún un lójú ọ̀nà, mo sì kúnlẹ̀ lórí eruku tó kù.