Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ìjì ṣí òrùlé kílíníkì tí mo ń bójú tó ní Ẹdẹ, a sì ti ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí a padà ṣí i, mo lẹ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mọ́ ògiri. Ìyá àgbà kan tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa ní kí n kà á fún òun.

“Ẹ má bínú fún ìnira tí ìjì fà.”

“Ìjì kọ́ ló ní kí ẹ má pè wá. Láti ìlú Ara ni mo ti ń gun ọ̀kadà wá bá àgádágodo.”

Ojú tì mí. Nọ́ńbà wọn wà nínú fáìlì. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì kọ òmíràn: “Èmi ni mi ò pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Wọ́n ní kí n ka ìyẹn náà sókè.