Àwòrán Tí Ọ̀gá Mi Yọ Kúrò

Ọ̀gá mi ló ba iṣẹ́ mi jẹ́, èmi ni wọ́n sì dá lẹ́bi.

A fẹ́ fi ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe fún àkọsílẹ̀ aláìsàn han àwọn nọ́ọ̀sì kan l'Ẹ́dẹ, bóyá wọ́n á gbà á lò. Mo to ìgbésẹ̀ rẹ̀: ká forúkọ aláìsàn sílẹ̀, ká tó wá a jáde. Mo ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ká lè rí nǹkan fi hàn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá mi yọ gbogbo àwòrán. "Wọ́n á ní ayédèrú la gbé wá, jàre." Ọ̀gá mi tún ní ká kọ́kọ́ wá orúkọ, ká tó forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, a wá orúkọ tí a ò tíì kọ, kò sí nǹkan kan tó jáde. Bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìwé tiwa kì í lọ o!" Gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì dìde, wọn ò gbà á.

Ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ yọ àwòrán mi, tí ẹ wá ní mi ò múra?