Obìnrin Tó Ń Pọn Agolo Sùn

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Agbẹ̀bí ni mí. Moniya ni mo ti ń wọ mọ́tò wá sí ilé ìwòsàn aláboyún kan ní Agbowó. Mo ti wà lórí ìdúró láti aago mẹ́jọ, àwa méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláboyún sì kún ìta dé ẹnu géètì. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi máa ń mú ju abẹ lọ. Mi ò fi yangàn.

Lọ́jọ́ tí àwọn aláboyún bá ń wá, lẹ́yìn orin àti àdúrà, èmi ni mo máa ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ náà ti wà lórí mi: ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá wá dé orí oorun, màá gbé ohùn sókè. Màá ní kí ẹni tí oyún ẹ̀ bá ti pé oṣù méje má fi ẹ̀yìn sùn mọ́, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pa ọmọ ẹ̀ ni kó máa na gbalaja. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mo gbà pé ẹ̀rù díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọ èèyàn létí.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Òkè-Ògùn ni wọ́n bí i sí, àmọ́ òun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé lẹ́yìn Agbowó níbẹ̀. Ó ti lóyún kan rí tó dé oṣù kẹsàn-án, òkú ọmọ ló bí. Ó wà nínú káàdì ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́jú oyún kejì yìí bí ẹyin. Oyún ti di oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ náà, ojú ẹ̀ ti jìn sínú, ó ń tòògbé lórí ìdúró. Mo bi í pé ṣé kì í sùn ni. Ó ní òun ń sùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Bó ṣe ń gun bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò, búláùsì ẹ̀ ká sókè lẹ́yìn. Ni mo bá rí àwọn ojú ọgbẹ́ roboto láàárín ẹ̀yìn ẹ̀, òmíràn ti dúdú, òmíràn ṣì pọ́n. Ọkọ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣépè fún nínú mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kó sọ ẹni tó ń lù ú fún mi.

Ó ní kò sẹ́ni tó ń lu òun, agolo ni. Ó ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ ilé ìwé. Tó bá fẹ́ sùn, á fi aṣọ wé agolo mílíìkì tó ti ṣófo, á gbé e sẹ́yìn, á fi ọ̀já gbà á bí ìgbà téèyàn pọn ọmọ, kó má baà ṣèèṣì yí fẹ̀yìn lélẹ̀. Tó bá yí, agolo á gún un, á jí. Ọ̀já tó rà sílẹ̀ de ọmọ àkọ́kọ́ ni. Lálẹ́ tí agolo ò bá fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ọkọ ẹ̀ á jókòó sórí àga, á máa ṣọ́ ọ, láàárọ̀ á gbé ojú pípọ́n lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi. Mo bi í pé, “Ta ló kọ́ ẹ nírú nǹkan báyìí?”

“Ẹ̀yin ni, Mà,” ló wí. Kò fi ṣe àfojúdi rárá. “Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ pa ọmọ ẹ̀ ló ń na gbalaja.”

Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sá pa mọ́ sínú iṣẹ́. Mo ní kó dùbúlẹ̀ kí n fi tẹ́ẹ̀pù wọn ikùn ẹ̀. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tí òógùn fi bo iwájú orí ẹ̀. Ó ní ojú òun ń ṣú, èébì ń gbé òun. Mo yára yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo ká ìró sẹ́yìn ẹ̀ kó má baà yí padà, mo sì di ọwọ́ ẹ̀ mú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ojú ẹ̀ wálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ti máa ṣàlàyé láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní iṣan ńlá kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ara padà sínú ọkàn, apá ọ̀tún egungun ẹ̀yìn ló sì gbà lọ. Tí aláboyún bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ilé ọmọ tó ti wúwo á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sókè á dínkù, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà á sì dínkù. Tó bá fi òsì lélẹ̀, ikùn á yẹ̀ kúrò lórí iṣan yẹn. Mo ní ọ̀tún náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tí òsì bá ti ń ro ó, kó yí sí ọ̀tún. Bó bá ṣe dùbúlẹ̀ nígbà tí oorun máa gbé e lọ ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá jí bá ara ẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kó kàn yí padà.

Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, “Ẹ̀yìn ni mo fi ń sùn nígbà oyún àkọ́kọ́, Mà. Mi ò mọ̀. Ṣé èmi ni mo pa á?”

Àwọn aláboyún tó ń dúró níta ti ń kanlẹ̀kùn. “Rárá” ti dé ẹnu mi, irú rárá téèyàn ń sọ kí ẹlòmíì lè wọlé. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n pa irú irọ́ yẹn lọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

“Mi ò mọ ohun tó pa á,” mo wí. “Dókítà pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Fífi ẹ̀yìn sùn máa ń fi kún ewu lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ló fi ẹ̀yìn sùn tí wọ́n bímọ láàyè, èmi náà wà lára wọn. Ẹni tó sùn ò pa èèyàn. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Má bínú.”

Ó sunkún, kò pariwo. Mo fi pílò kan sáàárín orúnkún ẹ̀, mo ká aṣọ sábẹ́ ikùn ẹ̀, mo fi òmíràn ti ẹ̀yìn ẹ̀. Kí n tó ṣe tán, ó ti ń hanrun. Mo kó àwọn tó kù lọ sí yàrá kejì, wọ́n sì kùn sí mi títí.

Nígbà tí mo padà wá wò ó, ó ti ti aṣọ ẹ̀yìn ẹ̀ dànù, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Kò mira. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e níkùn. Ó dún kíkankíkan, ó kún inú yàrá. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa.

“Ó ń bẹ níbẹ̀,” mo wí. “Yí padà.”

Ó yí padà fúnra ẹ̀, ó sì tún sùn lọ. Kí n má purọ́, mo jowú ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dìde láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo dé orí oorun, mi ò gbé ohùn sókè. Mo ṣàlàyé iṣan náà, mo ṣàlàyé òsì, mo wá ní ẹni tó bá jí bá ara ẹ̀ lórí ẹ̀yìn kó yí padà kó sì máa sùn lọ, kò pa ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá fi etí ìró bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Káàdì ẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi: oyún kẹrin, ọmọ méjì láàyè. Láti orí oyún àkọ́kọ́ ni mo ti ń dá a lẹ́kọ̀ọ́.