Àwọn «Wọ́n Ní» Tí Wọ́n Ní Kí N Yọ

Títí di òní, kò dá mi lójú pé ọkùnrin tó fi bírò pupa tún ìwé mi ṣe kà á. Ó wò ó, ìyẹn dájú. Ó wo ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì roboto yí i ká, ó sì kọ «rép.» sí etí ìwé, bí àwọn tísà wa ṣe máa ń kọ ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gbogbo ẹni tó bá ka ìwé Faransé ní ìlú wa ló mọ «rép.» yìí. Ó túmọ̀ sí pé o sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, o sì ti jẹ̀bi.

Ìwé tèmi kì í ṣe ìwé Faransé. Ìtàn ilé wa ni, ní Yorùbá, bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ṣe sọ ọ́ sínú fóònù mi lábẹ́ igi máńgòrò ilé rẹ̀ ní Ifangni: bí àwọn baba wa ṣe tẹ̀dó, bí wọ́n ṣe pín oko ọ̀pẹ, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tó bá wa pààlà. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ó gbà kí a tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó ní kí n kọ́kọ́ kà á sí òun létí látòkè délẹ̀. Bí òun kò bá gbà pé ọ̀rọ̀ òun ni, kò sí ìwé.

Mo gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ fún ọkùnrin tó ń bá atẹ̀wé tún ìwé ṣe, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mùsíé. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ojú ewé pọ́n bí ẹni pé epo dà sí i.

«Ẹ wo ibí yìí,» ó ní. «"Wọ́n ní", "wọ́n ní", "wọ́n ní". Ẹ ṣí ewé kejì: "Bàbá mi sọ fún mi pé". Ẹ ṣí òmíràn: "Mo fojú ara mi rí i". Ẹni tó bá ń kà á á sùn lọ.»

«Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Mùsíé.»

«Bọ̀n, ó dáa. Bàbá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ń kọ̀wé. Ẹ yí ìbẹ̀rẹ̀ wọn padà. "Kò sí àní-àní pé" wà níbẹ̀, "gbogbo ayé mọ̀ pé" wà níbẹ̀. Àti "àwọn ará ìsàlẹ̀ odò" yìí, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nílé yín ni?»

Mo lọ sí yunifásítì, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn jiyàn. Àmọ́ «rép.» yẹn ti wọ̀ mí lára láti kékeré, bí mo ṣe rí i, ẹ̀rù bà mí. Mo gun ọ̀kadà zẹmijan padà sílé, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo sì ṣe gbogbo ohun tó wí. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi wá «Wọ́n ní» láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń fi òmíràn dípò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò di «aládùúgbò wa» níbì kan, wọ́n di «àwọn èèyàn ọ̀hún» níbòmíràn, wọ́n sì di «àlejò wa» nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Mo dá a padà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa: ó tún fi bírò pupa yí «kò sí àní-àní» ká, «rép.», ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi sí mi lẹ́nu. Nígbà tí mo bi í, ó ní mo ti lò ó jù. Ibi tí orí mi ti dàrú nìyẹn. Bí mo bá lé ọ̀kan jáde ní orí kejì, èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ á ti kún orí karùn-ún. N kò mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe mọ́, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi.

Bó ṣe wà yẹn ni mo lọ kà á fún Bàbá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó fẹ̀yìn ti igi, ó dijú. Mo ka orí àkọ́kọ́ tán. Mo dé ibi oko etí odò: «Kò sí àní-àní pé ńṣe ni àwọn àlejò wa yá ilẹ̀ náà.»

Ó la ojú. «Ta ni kò ní àní-àní?»

«Ẹ̀yin ni, Bàbá.»

«Èmi? Kí ni mo sọ sínú ẹ̀rọ yẹn?»

Mo tan fóònù. Ohùn rẹ̀ jáde: «Wọ́n ní ńṣe ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò yá ilẹ̀ náà.»

«O gbọ́? Wọ́n ní. N kò sí níbẹ̀. Bàbá mi pàápàá ò sọ ọ́ fún mi. Èyí tí mo rí, mo ní mo rí i. Èyí tí bàbá mi sọ, mo ní òun ló sọ ọ́. Èyí tó kù, wọ́n ní. O wá sọ mí di ẹlẹ́rìí èké ní ọjọ́ ogbó mi. Kí ni kí n wí níwájú Ọlọ́run?»

«Àwọn tó ń tún ìwé ṣe ní ó pọ̀ jù, Bàbá.»

«Kí wọ́n wá yá ojú mi lò nígbà náà. Ta ló sì ń jẹ́ àlejò? Àwọn tí a jọ ń sin òkú? Bí wọ́n bá ka ìyẹn, oko yẹn á di ogun. Alákọ̀wé, o ní sùúrù láti kàwé, o ò ní sùúrù láti gbọ́.»

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ àìtọ́ ni. Gbogbo àsìkò òjò tó kọjá ni mo fi gbọ́ ọ.

Mo padà sílé, mo dá gbogbo ọ̀rọ̀ tí Mùsíé ní kí n yí padà sí bó ṣe wà nínú fóònù, mo sì tún lọ kà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dá mi dúró. «Kí ló dé tí mo ń sọ "ṣé ẹ rí i" bí ẹyẹ ìbákà? Yọ ọ́.»

«Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Bàbá.»

«Mo kàn ń fi ìyẹn mí ni.»

Orí mi tún dàrú, àmọ́ mo rí ohun kan dì mú. Mo da ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kọ sísàlẹ̀ ara wọn, láti ewé àkọ́kọ́ dé ìparí, mo sì ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí mo bá yọ ọ́, kí ló máa sọnù? «Ṣé ẹ rí i» lọ, kò sí ohun tó sọnù. «Wọ́n ní» dúró, «mo fojú ara mi rí i» dúró, «bàbá mi sọ fún mi» dúró. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń jẹ́ ará ìsàlẹ̀ odò níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni mo ti rí «Lẹ́yìn ìyẹn», tó sùn káàkiri ìwé bí ewúrẹ́ ní ojú títì. Kò sí nínú fóònù rárá. Èmi ni mo fi ń so ọ̀rọ̀ Bàbá pọ̀. Mùsíé kò fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn, nítorí wọn ò sún mọ́ra lójú ewé kan. Mo gé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan wà tí n kò mọ̀ títí di ìsinsìnyí bóyá ó yẹ kí n gé.

Nígbà tí mo kà á nígbà kẹta, bàbá kan láti ìsàlẹ̀ odò wá kí Bàbá, ó sì jókòó tì wá. Mo dé ibi oko náà. «Wọ́n ní ńṣe ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò yá ilẹ̀ náà.»

Ará ìsàlẹ̀ odò náà rẹ́rìn-ín. «Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yá a.»

«Kọ ìyẹn náà sí i,» Bàbá sọ fún mi. «Wọ́n ní.» Ó tún dijú. «Ọ̀rọ̀ mi ni. Gbé e lọ.»

Ìwé ti padà dé láti Àjàṣẹ́ báyìí, ó tún pọ́n. Mo jókòó tì í láàárọ̀ yìí, mo sì kọ «ẹ fi í sílẹ̀» sí ẹ̀gbẹ́ «rép.» kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti ewé dé ewé. N kò wá òmíràn.