Ohun Tí Mo Ń Kó Lọ Fún Bàbá Mi ní Sátidé

Ẹni ogún ọdún ni mí nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó ti Òrè lọ sí Bìní. Ilé iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà náà gbà mí sí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Èmi ni mo ń ka àpò sìmẹ́ńtì wọlé, èmi náà ni mo ń kà á jáde. Owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú nígbà náà. Bí mo bá ti gba owó oṣù, mo máa ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo ni oríta Òrè.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ó wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Ajue ni. Ìdajì ilé wa ti rí páànù nínú owó mi, ìdajì yòókù ṣì wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Mo máa ń lọ kí i ní gbogbo Sátidé, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni ohun tí mo mú bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti rán mi lọ kó pákó ni mo ti rí dókítà ayùn ní ilé ìlagi. Òun ló ń tún àwọn ayùn gbọọrọ tí ẹ̀rọ fi ń la igi ṣe. Pípọ́n eyín ayùn ò le. Ibi tó le ni kí wọ́n fi òòlù lu àárín rẹ̀ kó nà díẹ̀, kí etí rẹ̀ lè le dáadáa lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, pákó á wọ́. Àwọn dókítà ayùn mìíràn máa ń ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá fẹ́ lù ú. Ọkùnrin yìí ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, á máa lù, á sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì dẹ́kun.

Iṣẹ́ tèmi wá ń sú mi. Ọdún méjì gbáko ni mo ti fi ń kọ́ ohun tí mo ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀nà sì ti kọjá wa. Gbogbo wa mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà á kó ẹrù tẹ̀ lé e. Mo lọ bẹ dókítà ayùn pé kó gbà mí.

Ó ní, “Ọdún mẹ́ta ni. Ní ọdún kìíní, oò níí wúlò fún mi. Oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ ni mo lè fún ọ. Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, lọ bi àwọn tó ti kúrò lọ́wọ́ mi.”

Mo lọ bi wọ́n. Ọ̀kan ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Òdìgbó. Èkejì ti sá lẹ́yìn ọdún kan nítorí owó oṣù níbòmíràn. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, ó padà wá ń pọ́n eyín ayùn fún ẹlòmíràn, kò mọ òòlù lò.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó gbójú sókè wo imọ̀ ọ̀pẹ orí ilé. Ojú tì mí nítorí páànù. Ó wá ní kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ́ lọ́sẹ̀ ni kí n máa mú wá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé tinútinú ló fi sọ ọ́. Ní gbogbo Sátidé, á gbé àpótí jókòó, á sì ní kí n wí.

Ní ọdún kejì, ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀nà Bìní: wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí ilé ìkẹ́rùsí, owó á sì di ìlọ́po méjì. Òjò ń rọ̀ wọ ilé wa lọ́dún yẹn. Mo délé pẹ̀lú ìròyìn náà, ọkàn mi sì ti ń fà síbẹ̀.

Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Kí lo kọ́?”

Mo ní ọ̀gá mi gbé òòlù lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì ba ayùn kan jẹ́; gbogbo pákó tó là ló wọ́.

“Ṣé o ti mọ ibi tóo ti ṣì í lù?”

Mo ní rárá, ọ̀gá ní òun á fi hàn mí ní ọjọ́ Ajé.

“Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an lo wá fẹ́ lọ ka sìmẹ́ńtì?”

N kò lọ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, àlejò kan bèèrè pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi òòlù ṣe lára ayùn. Kí n tó lanu, bàbá mi ti dìde. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan ayùn ẹ̀rọ rí láyé rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá mi fetí sí i títí tó fi parí, kò rí ibì kan tún ṣe.