Ibi Tí Mo Gbé Tábìlì Sí

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ya fọ́tò aṣọ ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé gan-an ló yẹ kí n fi sùn. Ìlú Òrò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Tí mo bá fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ọ̀mù-Àrán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ mi á ti wú. Mi ò ní parọ́: ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń gbàdúrà kójú ọ̀run ṣú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìmọ́lẹ̀ má tó, kí n lè rí àwáwí padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá mi ń hun aṣọ kíjìpá lórí òfì ìdúró tó wà lẹ́yìn ilé, irú èyí táwọn obìnrin ìlú wa ti ń lò kí wọ́n tó bí mi. Ó máa ń pa òwú rẹ̀ láró, á wá fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín. Nígbà táwọn tó ń rà á lọ́jà ò wá mọ́, èmi ni mo ní ká gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Fọ́tò àkọ́kọ́ ò ṣeé wò. Mo tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, lórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì olódòdó, mo tan iná, mo tún lo fíláàṣì. Aró tó dúdú mìnìmìnì wá rí bí eérú, òdòdó bẹ́ẹ̀dì sì gba ojú mọ́ aṣọ lọ́wọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé ṣé àlòkù ni. Ìyá mi ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Mo ní iye rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí ògiri ilé àbúrò bàbá mi, oòrùn kì í wọlé tààrà, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ máa ń rọ̀. Mo máa ń ká kọ́tìnì aláwọ̀ ewé wa kúrò pátápátá, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ràn mọ́ aṣọ. Mo máa ń pa gílóòbù, torí ìmọ́lẹ̀ pípọ́n tiẹ̀ àti ti ọ̀sán kì í bára wọn ṣe. Mo gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo wá lẹ kádíbọ́ọ̀dù funfun ńlá mọ́ ògiri, mo jẹ́ kó rọra tẹ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì láìká a, kó má baà sí ìlà níbi tí ògiri àti tábìlì ti pàdé. Ìyá mi á gbé kádíbọ́ọ̀dù kejì dúró lódìkejì fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ibi tó ṣókùnkùn. Màá fi etí ìró nu ojú kámẹ́rà, màá fẹsẹ̀ ara mi sún mọ́ aṣọ dípò kí n fi fóònù fà á sún mọ́ mi. Kádíbọ́ọ̀dù funfun máa ń tan fóònù jẹ, á sọ aró di èédú, nítorí náà màá fọwọ́ tẹ aṣọ lójú fóònù, màá sì fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ níbẹ̀ sókè títí aró á fi jọ èyí tó wà níwájú mi.

“Tíṣà, apá ń ro mí o,” ni ìyá mi á wí.

“Ẹ fara dà á, Màmá, ó ku ẹyọ kan.”

Kì í ku ẹyọ kan rí.

Ní Sátidé kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, mo ya aṣọ tuntun kan láti ìtòsí, kí oníbàárà lè rí bí òwú ṣe tò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá kì í bo àṣírí: gbogbo ibi tó bá yọ sókè ló máa ń ní òjìji. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìlà funfun yà bàrá, ó sì tún padà sọ́nà. Níbi mẹ́ta, òwú fo òwú kọjá, ó ta jáde. Ìyá mi tí mo mọ̀, tó lè tú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nítorí òwú kan ṣoṣo! Mo gbójú sókè wò ó lẹ́yìn kádíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lápá ọ̀dọ̀ mi, àmọ́ ó dà bíi pé kò dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ṣé ó dáa?”

“Ó dáa, Màmá.”

Mo pa fọ́tò náà rẹ́. Mo ní kó gbé kádíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kó sinmi. Mo wá gbé tábìlì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbé e síwájú fèrèsé gan-an, mo kọ ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, mo sì yẹra díẹ̀ kí òjìji ara mi má baà bọ́ sórí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú aṣọ tààrà, òjìji tán, àbùkù náà sì tán. Fọ́tò náà mọ́ tónítóní.

Obìnrin kan ní Abẹ́òkúta rà á kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Nígbà tó yá, òun náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ó ti tẹ́ aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tiẹ̀, gbogbo nǹkan hàn kedere. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn. Ohun tó kọ ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi ni mo fẹ́ fún. Ṣé bí wọ́n ṣe hun ún nìyí?” Mo tọrọ àforíjì, mo dá owó rẹ̀ padà, mo ní kó fi aṣọ náà rán dẹ́rẹ́bà tó bá ń bọ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, kó kọ nọ́ńbà mi sí i lára. Mo gbàgbé pé àwọn ará gáréèjì mọ ìyá mi jù mí lọ. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e wá bá a nílé, èmi wà ní kíláàsì ní Òrò.

Kò pè mí. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé oúnjẹ fún mi. Láàárọ̀ Sátidé, mo bá tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí mo ti ń gbé e sí látilẹ̀. Ó ti ká kọ́tìnì kúrò, ó ti lẹ kádíbọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, ó wọ́ díẹ̀. Aṣọ tó padà wá ló wà lórí tábìlì.

“Yà á,” ó ní.

“Màmá…”

“Mo ní kó o yà á. Láti ìtòsí.”

Mo yà á. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó wò ó pẹ́. Ohun tí kò rí lórí òfì mọ́, ó rí i níbẹ̀, ó tóbi bí okùn. Ó fi èékánná tọ ìlà funfun náà, ó dúró níbi tó ti yà, ó sì tún un tọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò.

“Ọwọ́ mi ti mọ̀ láti Ọjọ́rú,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ kójú mi rí i ni. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ọjọ́ tí mo yà á.”

“Ọjọ́ tó o ní kí n sinmi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ta lo gbé tábìlì kúrò fún?”

Mo ní nítorí oníbàárà ni, ká lè rí i tà. Ó mi orí. Mo ní nítorí òun ni, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ó tún mi orí. Kò bínú, ó kàn ń dúró dè mí ni.

Mo wá sọ òótọ́. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Mo ní tí mo bá fẹnu ara mi sọ pé ojú rẹ̀ ń ṣú, èmi ni màá gbé e lọ sí ọsibítù n'Ílọrin, èmi ni màá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, èmi ni màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, ìwọ̀nba Sátidé tó kù mí kù á sì tún lọ. Ojú ń tì mí gidi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá mi dá fóònù mi padà fún mi.

“Ó ti rẹ èmi náà tipẹ́,” ó ní. “Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ kí n máa hun ún.”