Dátà Ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ Lórí Fóònù Ìyá Mi

Ọjọ́ Sátidé ni, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀, ni ìpè já mọ́ ìyá mi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Jẹ́bà ló ń bá sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Aago náà dá mi lójú, nítorí fóònù tèmi wà lọ́wọ́ mi, mo ń retí èsì láti ibi iṣẹ́ kan. Ìyá mi yọ fóònù kúrò létí, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó jóná.

"Oníkáàdì yẹn ti tún jẹ owó mi."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó máa ń ra káàdì ẹgbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní òdìkejì títì sí ilé wa ní Ṣàngó. Kò sí ìwé káàdì tí wọ́n ń họ níbẹ̀ mọ́. Láti orí fóònù tirẹ̀ ni ọkùnrin náà ti máa ń fi owó ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà ẹni. Ìyá mi kì í yẹ owó orí fóònù rẹ̀ wò. Ohùn obìnrin tó ń sọ pé owó ti tán ló máa ń fún un ní ìròyìn. Ó sì ti tó oṣù méjì tí ohùn yẹn ti ń tètè dé.

Kí n tó wọ bàtà, ó ti dé ojú ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e.

"Ìwọ oníkáàdì yìí," ó ké láti òdìkejì títì, "bóyá lo fi ju ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sí mi, o sì gba ẹgbẹ̀ta!"

Ọkùnrin náà ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Àlhájà, ẹ káàárọ̀ ná."

"N ò káàárọ̀. Owó mi dà?"

"Wàláhì, mo fi í ránṣẹ́ pé. Ẹ wo fóònù mi."

"Èmi tí n ò mọ̀wé, kí ni n óò wò níbẹ̀? Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ olè, olè náà ni yóò máa jẹ́rìí fún."

Àwọn tó ń lọ ra búrẹ́dì ti dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dun oníkáàdì ju bó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ káàdì dunni lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ó tán. Ẹ jẹ́ kí á lọ sọ́dọ̀ Àáfáà. N óò gbé Kùránì, n óò búra."

Ìyá mi ní, "Mo gbà."

Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ yẹ̀pẹ́rẹ́ mú ìbúra. Ẹni tó bá búra lórí irọ́, Ọlọ́run ló ń bá ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá búra lórí òótọ́ náà kì í bọ́ pátápátá. Títí ayé ni wọn yóò máa tọ́ka sí i: ọkùnrin tó gbé Kùránì nítorí owó káàdì. Ta ni yóò tún máa ra nǹkan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo wo ṣọ́ọ̀bù náà, mo wo àwọn tó dúró, ọ̀rọ̀ náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àáfáà tó ń ṣe olórí Àsàlátù wa, àdúrà àpapọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú. Ó yí sí èmi tó ti ka ìwé yunifásítì.

"Ìwọ akọ̀wé, kí lo rí sí i?"

"Ẹ̀rí kò tíì tó, Àáfáà."

"Ó dáa. A kì í fi Kùránì wá ohun tí ojú lè rí. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí Àsàlátù tó ń bọ̀ bá dé tí ẹ kò rí nǹkan kan, kó búra."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní. Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo mọ̀ sínú ìwé, mo sì fi àmì sí ohun tí mo kàn rò. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀: owó ń dín. Pé oníkáàdì ló ń dín in, àbá ni. Mo ní kí n ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ inú fóònù ìyá mi, ṣùgbọ́n fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré ni, kì í gba àtẹ̀jíṣẹ́ púpọ̀, nígbàkúùgbà tó bá sì ti ní òun kún, ìyá mi yóò ní kí ọmọ alájọgbé wa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Òfìfo ni mo bá.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà láìmọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ní òun kò ní fi owó òun tọrẹ fún olè mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Táíwò Road, ó ra káàdì ẹgbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó ṣe wọlé ni mo gba fóònù, mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo owó. Ẹgbẹ̀ta náírà àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì bẹ ìyá mi pé kó má pe ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

"Ṣé o fẹ́ fi fóònù mi sí àtìmọ́lé ni?"

"Títí di àárọ̀ ọ̀la péré ni, Màmá."

Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ Sátidé, mo gbé fóònù náà sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó gbọ̀n. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní wọ́n ti tún dátà ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yín rà fún yín, ẹ ṣeun. Mo yẹ owó wò. Ọgọ́rùn-ún náírà àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ló kù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan fóònù náà.

Ayọ̀ kọ́kọ́ gbé mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò lọ́rùn oníkáàdì. Ẹ̀yìn náà ni ìbéèrè kejì dé: ta ló ra dátà sórí fóònù tí kò lè ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì?

N kò nílò láti rò ó jìnnà. Ní nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti síìmù tèmi pa títí wọn yóò fi so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mi. Mo yá síìmù ìyá mi, mo fi sínú fóònù mi, mo fi ra dátà ọlọ́sẹ̀ kan kí n lè fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tí mò ń rà á, ìlà méjì jáde lójú fóònù. Ìkíní ní kí wọ́n máa tún un rà fúnra rẹ̀, ìkejì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń kánjú. Ìkíní ni mo tẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí síìmù tèmi, mo dá ti ìyá mi padà sínú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti pé ni wọ́n ń ra dátà fún un, dátà náà yóò sì kú sílẹ̀ láìsí ẹni tó lò ó. Èmi ni olè tí à ń wá.

Mo tẹ nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n fi ń ra dátà. Fóònù tọ́ọ̀ṣì náà lè tẹ̀ ẹ́, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìlà tò jáde. Mo ń wá èyí tó jẹ mọ́ àtúnrà lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi wọlé.

"Kí lò ń tẹ̀?"

Kí n tó dáhùn tán, àwọn ìlà náà ti parẹ́, nítorí wọn kì í dúró de alọ́ra. Mo tún un tẹ̀. Mo wọ ibi ìtọ́jú dátà, mo wọ ibi àtúnrà, mo rí dátà ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà níbẹ̀, mo yan ìdádúró. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ìlà méjèèjì ni mo kà lọ́tẹ̀ yìí kí n tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé: wọ́n ti dá àtúnrà dúró, dátà tó wà nílẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. N kò pa àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì rẹ́.

Nígbà náà ni mo sọ fún ìyá mi.

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì!" Ó jókòó. "Èmi sì ti pe ọmọ ọlọ́mọ lólè lójú títì."

Ní ọjọ́ kejì, Àsàlátù parí, àwọn èèyàn kò lọ. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹnì kan máa búra. Oníkáàdì ti ṣe àlùwàlá, ó wọ jalabíà funfun, ojú rẹ̀ le. Kùránì wà nínú àpò rẹ̀ lórí itan Àáfáà. N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo dìde ṣá. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé: owó ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, owó àárọ̀ Sátidé, àti ọwọ́ tèmi tó tẹ ìlà kìíní. Mo gbé fóònù fún ọmọ Àáfáà tó jẹ́ tíṣà, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì sókè, ó túmọ̀ wọn.

Àáfáà kò ṣí àpò náà. Ó gbé e padà sórí pẹpẹ.

Oníkáàdì ń wò mí. "Akọ̀wé," ó ní, "gbogbo ìwé tí o kà yìí, ìlà méjì péré ló kù, o ò lè kà á tán?"

Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá mi dìde, ó kúnlẹ̀, ọkùnrin náà sì sáré gbá a mú kí orúnkún rẹ̀ tó kan ẹní.

"Àlhájà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ ti jù mí lọ."

"Bí mo ṣe pariwo olè lójú títì náà ni n óò pariwo pé o kì í ṣe olè."

Ó sì ṣe é. Láti mọ́ṣáláṣí dé ilé, kò sí ẹni tó kí wa tí kò sọ fún. Ọ̀nà tó yẹ kó gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún gbà wá ní wákàtí kan. Kí a tó wọlé, mo ka ènìyàn mẹ́rin tó wá ra káàdì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníkáàdì.

Síbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ti dúró. Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ra ẹgbẹ̀ta náírà, lọ́wọ́ oníkáàdì wa. Ní Sátidé, mo tún jókòó ti fóònù. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá. Kò gbọ̀n. Ní aago méje géérégé mo yẹ̀ ẹ́ wò: ẹgbẹ̀ta náírà, pẹ̀lú kọ́bọ̀ rẹ̀. Mo gbé e fún ìyá mi.

Ó pe Jẹ́bà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní orí ìtàn oníkáàdì, ó ń fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín débi pé mo ń gbọ́ ọ láti orí àga mi. Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n dé orí ewúrẹ́, wọ́n dé orí ìgbéyàwó ẹnì kan. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni ohùn obìnrin yẹn dé pé owó ti tán. Ẹnu ìyá mi ni gbogbo rẹ̀ tán sí.